Jẹnẹrétọ̀ kọ́ ló ba fíìmù yín jẹ́, ibi tí ẹ gbé máìkì sí ni

Lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi mẹ́rin lọ ya fíìmù kékeré kan ní Bárúwà, lágbègbè Ìpájà, nípìnlẹ̀ Èkó. Ìran kan ṣoṣo ló gbé gbogbo fíìmù náà ró. Ìyá kan jókòó sí ẹ̀yìnkùlé lásìkò tí ilẹ̀ ń ṣú lọ, ó ń sọ fún ọmọ rẹ̀ ọkùnrin pé òun ti ta ilẹ̀ tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀. Mama tó ṣe ipa ìyá yẹn kì í ṣe òṣèré tó lórúkọ, àmọ́ nígbà tó dé ibi tó ti sọ pé, "Mo ti tà á o, ọmọ mi," ohùn rẹ̀ ṣẹ́. Gbogbo wa pa lọ́lọ́. Dáírẹ́tọ̀ wa ò tiẹ̀ rántí pé òun ló yẹ kó sọ pé ká dúró.

Nígbà tá a délé, tá a wá tẹ́tí sí ohun tá a gbà sílẹ̀, jẹnẹrétọ̀ la gbọ́. Ohùn Mama wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ńṣe ló dà bíi pé ó ń bá wa sọ̀rọ̀ láti inú ọ̀kọ̀ dánfó tí kò pa íńjìnnì. A bẹ Mama pé kó wá tún ọ̀rọ̀ náà sọ nínú yàrá tó dákẹ́ rọ́rọ́. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mọ́kànlá. Ọ̀rọ̀ ń jáde, àmọ́ ohùn yẹn ò ṣẹ́ mọ́. Bí fíìmù náà ṣe dúró sínú kóńpútà nìyẹn. Àwa náà wá ṣe ohun tí gbogbo èèyàn ń ṣe, a bú NẸPA.

Lónìí, mo fẹ́ gbèjà NẸPA díẹ̀. Ẹ má tíì sọ̀kò lù mí o. Ohun tí mò ń sọ ni pé ariwo jẹnẹrétọ̀ kì í ṣe àjálù tó dédé já lu àwọn tó ń ya fíìmù l'Ékòó. A mọ̀ pé ó wà níbẹ̀ ká tó gbéra nílé. Látìgbà tí Living in Bondage ti jáde lórí fídíò lọ́dún 1992, inú ilé onílé àti ojú títì ni ọ̀pọ̀ fíìmù wa ti ń wáyé, kì í ṣe inú situdió tí ògiri rẹ̀ ń gba ariwo mì. Fíìmù kan tó ń jẹ́ This Is Nollywood, tó jáde lọ́dún 2007, tẹ̀ lé dáírẹ́tọ̀ Bond Emeruwa bó ṣe ń sáré ya fíìmù kan parí láàárín ọjọ́ mẹ́sàn-án lágbègbè Èkó. Iná ń lọ, bẹ́ẹ̀ sì ni ìgbà kan wà tí ẹ̀rọ gbohùngbohùn mọ́ṣáláṣí tó wà nítòsí ò jẹ́ kí wọ́n lè ṣiṣẹ́. Bí ibi iṣẹ́ wa ṣe rí nìyẹn. Ẹni tó bá ń dáko sétí odò kì í bínú pé ilẹ̀ tutù, ńṣe ló máa wá ohun tí yóò gbìn síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ irú ariwo tá à ń bá jà. Kí jẹnẹrétọ̀ kékeré tó lè fún wa níná tó bá tilé wa mu, íńjìnnì rẹ̀ ní láti máa yí nǹkan bí ìgbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan, ìyẹn ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Èyí kékeré tá à ń po epo pọ̀ mọ́ òróró fún, "Aì Bẹ́tà Páàsì Maì Néébọ̀" tí gbogbo wa mọ̀, máa ń dún lẹ́ẹ̀kan nígbàkúùgbà tó bá yí po. Ìyẹn ló fà á tó fi ń dún bíi pé ó ń kùn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe 50 yẹn nìkan la máa ń gbọ́. Ó ní àwọn ọmọ lẹ́yìn: 100, 150, 200, títí lọ sókè. Ibẹ̀ gan-an ni ohùn èèyàn ń gbé. Ohùn ọkùnrin sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bíi 100 sí 150, ti obìnrin á sì tó nǹkan bíi 200.

Ẹ ti rí ibi tí wàhálà wà. Bọ́tìnnì kan wà lára ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tó ń gba ohùn sílẹ̀ tó máa ń gé ohùn ìsàlẹ̀ kúrò. Tẹ́ ẹ bá gé gbogbo ohun tó wà lábẹ́ 80, kíkùn tó wúwo jù lọ á lọ, ó sì dáa kẹ́ ẹ ṣe bẹ́ẹ̀. Àmọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ tó wà ní 100 àti 200 ti bá ohùn Mama sùn lórí bẹ́ẹ̀dì kan náà. Ẹ ò lè lé wọn kúrò níbẹ̀ kẹ́ ẹ má fa aṣọ ya mọ́ Mama lára. Sọ́fítíwíà tó ń mú ariwo kúrò lè ràn yín lọ́wọ́ díẹ̀ tí jẹnẹrétọ̀ bá ń dún bákan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Àmọ́ tí firíìjì tàbí ẹ̀rọ tó ń fa omi bá tanná, íńjìnnì á mí kanlẹ̀, ohùn rẹ̀ á yí padà, sọ́fítíwíà ò ní mọ èyí tó yẹ kó mú mọ́. Tẹ́ ẹ bá wá fipá mú un, "s" àti "ṣ" ló kọ́kọ́ máa ń jẹ, ohùn òṣèré á wá dà bíi ti ẹni tó wà nísàlẹ̀ omi.

Torí náà, níbi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ gan-an la ti gbọ́dọ̀ ja ìjà yìí. Ohun ìjà tó lágbára jù lọ ò sì náni lówó rárá: àlàfo tó wà láàárín ẹnu òṣèré àti máìkì.

Ẹ fojú inú wò ó. Kámẹ́rà wa wà ní mítà 4 sí Mama, máìkì sì wà lórí kámẹ́rà. Jẹnẹrétọ̀ àwọn aládùúgbò wà ní nǹkan bíi mítà 30. Nígbàkúùgbà tẹ́ ẹ bá dín àlàfo máìkì sí ẹnu kù sí ìdajì, ohùn òṣèré máa ń fi nǹkan bíi dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 6 lé sí i. Láti mítà 4 sí 2, ẹ ti jèrè 6. Láti 2 sí 1, ẹ ti jèrè 12. Láti 1 sí ìdajì mítà, ó di 18. Jẹnẹrétọ̀ tó wà ní mítà 30 ńkọ́? Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má mọ̀ pé máìkì kúrò níbi tó wà, torí pé kí ni mítà mẹ́ta àtààbọ̀ lára 30? Ohùn gòkè, ariwo dúró síbi tó wà. Tẹ́ ẹ bá jókòó ti kámẹ́rà tẹ́ ẹ wá ń yí gééìnì sókè, àtohùn àtariwo ló jọ máa gòkè. Ìyẹn ò tún nǹkan kan ṣe.

Iṣẹ́ búùmù nìyẹn. Búùmù ni ọ̀pá gígùn tí wọ́n ń so máìkì mọ́ lórí. Ẹni tó gbé e á dúró sẹ́yìn kámẹ́rà tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á na ọ̀pá náà jáde sókè orí òṣèré, á sì kọ ojú máìkì sísàlẹ̀, kó máa wo ẹnu àti àyà òṣèré. Báwo ló ṣe máa sún mọ́ ọn tó? Kó máa sọ máìkì kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ẹni tó wà nídìí kámẹ́rà á fi pariwo pé òun ti rí i, kó wá gbé e sókè ní ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan. Ibẹ̀ ni ilé rẹ̀. Tó bá ga jùyẹn lọ, ariwo là ń gbà lálejò.

Lẹ́yìn pé ó sún mọ́ ẹnu, ibi tí ẹ̀yìn máìkì kọ sí tún ṣe pàtàkì. Máìkì tí wọ́n ń lò lórí búùmù kì í gbọ́ ibi gbogbo bákan náà. Iwájú ló ti ń gbọ́ dáadáa, ibi tó di jù lọ sì máa ń wà lẹ́yìn rẹ̀ níhà ẹ̀gbẹ́, kì í ṣe ọ̀gangan ẹ̀yìn. Nígbà tẹ́ ẹ bá fi búùmù sókè, tí ojú rẹ̀ wá tẹ̀ sísàlẹ̀ sọ́dọ̀ òṣèré, ibi tó di yẹn á bọ́ sápá ẹ̀yìn kámẹ́rà. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹ̀yìn kámẹ́rà ló yẹ kí jẹnẹrétọ̀ wà, kì í ṣe ẹ̀yìn òṣèré. Tó bá jẹ́ ẹ̀yìn òṣèré ló wà, máìkì á máa wo òun àti òṣèré pọ̀.

Ẹ̀tàn kan sì wà níbẹ̀ tó ti mú ọ̀pọ̀ èèyàn. Máìkì gígùn tó rí bí ọ̀pá ìbọn yẹn, àwọn èèyàn rò pé bó ṣe gùn yẹn ló ń mú kó lé gbogbo ariwo. Gígùn rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lórí ohùn tó tín-ín-rín. Kíkùn jẹnẹrétọ̀ tó wúwo ò kà á sí. Tẹ́ ẹ bá tún gbé e wọ inú yàrá kékeré tó jẹ́ sìmẹ́ńtì níhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ohùn tó ń ta padà lára ògiri á mú kí ọ̀rọ̀ òṣèré máa dún bí ẹni tó wà nínú kàǹga. Máìkì kúkúrú tó ń gbọ́ iwájú nìkan ló dáa jù nínú irú yàrá bẹ́ẹ̀.

Lafalíà ńkọ́, ìyẹn máìkì kékeré bí orí ìṣáná tí wọ́n ń fi sára aṣọ? Ọ̀pọ̀ rẹ̀ kì í yan ibì kankan láàyò, gbogbo àyíká ló ń gbọ́. Sísún mọ́ ẹnu nìkan ni agbára rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fi sí àyà, níbi tó jìnnà sí àgbọ̀n tó àlàfo àtàǹpàkò sí ọmọńdinrín, ó ti fi ìdajì sún mọ́ ẹnu ju búùmù lọ. Àmọ́ aṣọ wa lọ̀tá rẹ̀. Gíníì tó ti gba sítáàṣì máa ń dún bíi bébà. Lẹ́ẹ̀sì ń ha á lára. Ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn á máa kàn án kó-kó-kó. Ariwo aṣọ sì burú ju ti jẹnẹrétọ̀ lọ, torí pé orí ọ̀rọ̀ gan-an ló máa ń bọ́ sí.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é rèé. Ẹ fi ọtí tí nọ́ọ̀sì fi ń nu ojú abẹ́rẹ́ nu òógùn kúrò níbẹ̀, torí téèpù kì í lẹ̀ mọ́ ara tó ń làágùn. Ẹ ká téèpù méjì sí igun mẹ́ta mẹ́ta, kí ibi tó ń lẹ̀ wà níta, kẹ́ ẹ fi máìkì sáàárín wọn, kí ọ̀kan lẹ̀ mọ́ ara, kí èkejì lẹ̀ mọ́ aṣọ. Tí aṣọ bá ti lẹ̀ mọ́ máìkì, kò ní ráyè ha á. Ẹ wá ṣẹ́ wáyà rẹ̀ po lẹ́ẹ̀kan sábẹ́ ibẹ̀, kẹ́ ẹ sì lẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kó má baà jẹ́ pé nígbà tí òṣèré bá dìde, wáyà á fa máìkì. Tí aṣọ bá le kọjá àtúnṣe, ẹ wo orí. Etí gèlè tàbí fìlà níwájú orí jẹ́ ibi ìfarapamọ́ tó dáa gan-an, torí pé ibi tí orí bá yí sí ni ẹnu náà ń yí sí.

Lẹ́yìn ọdún kan, Mama gbà pé ká padà wá. Mo fẹ́ ṣàlàyé bá a ṣe ṣe é lọ́jọ́ yẹn, torí pé àbọ̀ iṣẹ́ náà ti wáyé ká tó gbé kámẹ́rà débẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, èmi àti ẹni tó máa gba ohùn sílẹ̀ lọ síbẹ̀ láago méje alẹ́. Ẹ kíyè sí i, kì í ṣe láago mẹ́wàá àárọ̀ tí gbogbo nǹkan pa rọ́rọ́. A dúró sí ẹ̀yìnkùlé, a dijú, a kà wọ́n. Jẹnẹrétọ̀ mẹ́rin. Tiwa tí wọ́n máa ń gbé sí fàráńdà, mítà 5 péré síbi tí Mama máa jókòó. Ti àǹtí aránṣọ kan lẹ́yìn ògiri. Méjì tó kù wà lójúlé kejì àti ìkẹta lápá ọ̀tún.

Tiwa ló rọrùn jù. A ra wáyà tó nípọn, a gbé e lọ sí iwájú ilé, ó di mítà 40. Láti 5 sí 10, sí 20, sí 40, ìlọ́po méjì lẹ́ẹ̀mẹ́ta nìyẹn, ó sì máa ń gba nǹkan bíi dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 18 kúrò ní gbangba ìta. Ní àdúgbò tí ògiri fún mọ́ra bíi Bárúwà, ohùn máa ń ta padà, torí náà kì í pé tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ ilé fúnra rẹ̀ ti dí i lójú. Ẹnì kan láàárín wa dábàá pé ká tì í mọ́nú yàrá kan kó lè dákẹ́. Rárá o! Gáàsì olóró tó wà nínú èéfín jẹnẹrétọ̀ ń pa èèyàn láìní òórùn tó máa jẹ́ kéèyàn fura, ọ̀pọ̀ ìdílé ló ti sùn tí wọn ò jí torí ẹ̀. Ìta ni ilé rẹ̀, kí ẹnu èéfín rẹ̀ sì kọ̀yìn sí fèrèsé gbogbo èèyàn.

Ó ku àǹtí aránṣọ. A wọlé, a kúnlẹ̀, a ṣàlàyé. Ó wò wá títí.

"Ẹ̀yin ọmọ yìí, aṣọ ìyàwó ló wà lórí ẹ̀rọ yìí o. Ọ̀la ni wọ́n ń wọ̀ ọ́. Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n wá nà mí ni?"

"Ẹ má bínú, àǹtí wa. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré, lẹ́ẹ̀mẹta."

Ó ronú díẹ̀, ó wá ní ọwọ́ lòun fi máa ń lẹ ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ aṣọ, iná nìkan lòun nílò fún ìyẹn. A gbé iná alágbèéká méjì tí wọ́n ń fi bátìrì lò wá fún un, a sì bá a ra epo sínú jẹnẹrétọ̀ rẹ̀. Àdéhùn wa ni pé nígbàkúùgbà tó bá kan ìlẹ̀kẹ̀, á pa á, á sì ránṣẹ́ sí wa. Bá a ṣe to iṣẹ́ wa mọ́ tiẹ̀ nìyẹn.

Àwọn méjì tó kù, a ò lè rí wọn bá sọ̀rọ̀. Torí náà a yí ìran náà padà. Tẹ́lẹ̀, ògiri tí wọ́n kùn dáadáa ni Mama kọ̀yìn sí, jẹnẹrétọ̀ méjèèjì sì wà lẹ́yìn ògiri náà. A gbé àga rẹ̀ lọ sódìkejì, ó wá kọjú síbi tí ariwo ti ń bọ̀, igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti okùn aṣọ ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Kámẹ́rà, búùmù àti ariwo wá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan náà. Igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ kì í sì ta ohùn padà bí ògiri. Dáírẹ́tọ̀ kọ́kọ́ bínú torí ògiri rẹ̀ tó rẹwà, ó wá gbà nígbà tó fi ẹ̀rọ sétí gbọ́ ọ fúnra rẹ̀.

Búùmù wà ní nǹkan bí ìdajì mítà sókè orí Mama. Lẹ́ẹ̀sì ló wọ̀, torí náà etí gèlè la fi lafalíà sí. Ọmọ rẹ̀ wọ tíṣẹ́ẹ̀tì, tiẹ̀ wà lábẹ́ aṣọ. Máìkì kọ̀ọ̀kan ní ojú ìlà tirẹ̀ nínú ẹ̀rọ, a ò pò wọ́n pọ̀. A sì yí gééìnì kúrò ní "Auto" sí "Manual". Ẹ má fojú kéré èyí o. Tó bá wà ní "Auto", nígbàkúùgbà tí òṣèré bá dákẹ́, ẹ̀rọ á rò pé ohùn ti kéré, á fa ariwo sókè, jẹnẹrétọ̀ á wá máa mí láàárín ọ̀rọ̀ bí ẹni tó ní ikọ́-fée. A tò ó kí ọ̀rọ̀ tó le jù lọ má kọjá -12 lójú ẹ̀rọ.

Ká tó bẹ̀rẹ̀, a ṣe àyẹ̀wò kan tí mi ò ní fi sílẹ̀ mọ́ láyé mi. Mama sọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ bó ṣe máa sọ ọ́ gan-an, a wo ibi tí atọ́ka ohùn dé. Gbogbo èèyàn dákẹ́, a tún wò ó. Àlàfo àárín méjèèjì ni ìdáhùn. Nínú fáìlì ọdún tó ṣáájú, dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 6 ló wà láàárín wọn. Lọ́jọ́ yìí, ó jẹ́ 27. Òfin tiwa ni pé tí kò bá ti tó 15, a ò ní ya nǹkan kan, a máa wá ohun tá a máa gbé kúrò níbì kan.

Nígbà tá a parí, a ní kí gbogbo èèyàn dúró síbi tó wà, a gba ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ẹ̀yìnkùlé náà sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan gbáko, pẹ̀lú kíkùn díẹ̀ tó kù nínú rẹ̀. Ìyẹn ni ẹ́dítọ̀ máa tẹ́ sábẹ́ gbogbo ọ̀rọ̀, kí etí òǹwòran má baà gbọ́ ibi tí wọ́n ti gé e.

Mo mọ ohun táwọn kan máa sọ: "Owó dà?" Ọ̀pá búùmù wa àkọ́kọ́, igi tí wọ́n fi ń kun ọ̀dà sára àjà ni. Wáyà gígùn la yá. Wákàtí kan tá a fi lọ ka jẹnẹrétọ̀ lálẹ́ ò náni ju owó ọkọ̀ lọ. Ohun tó wọ́n lọ́wọ́ àwọn tó ń ya fíìmù wa kì í ṣe owó, àyè ni. Wọ́n á fún ẹni tó ń tanná ní wákàtí méjì, wọ́n á fún ẹni tó ń kun àtíkè ní wákàtí kan, ẹni tó ń gba ohùn sílẹ̀ ò ní mọ ibi tí wọ́n ti fẹ́ yàwòrán títí á fi débẹ̀. Kí wọ́n mú un dání nígbà tí wọ́n bá ń lọ wo ilé, kí wọ́n sì gbà nígbà tó bá sọ pé ẹ gbé àga yẹn yí. Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Mama ò tún ohùn rẹ̀ ṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Nígbà tó dé ibi "mo ti tà á o, ọmọ mi", ńṣe ló rẹ́rìn-ín kékeré kan nímú, bí ẹni tó ti sunkún tán nílé kó tó wá. Ẹ̀rín yẹn kéré débi pé àwa tá a dúró síbẹ̀ ò gbọ́ ọ. Ẹni tó fi ẹ̀rọ sétí nìkan ló gbọ́, ó sì gbójú sókè wò wá. Òun ló wà nínú fíìmù báyìí.